Ìka Mẹ́rin Léjìká Isaiah

Ẹ̀gbọ́n mi Adùnọlá kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, á se ọbẹ̀ tó dùn, á bu ẹran tó tóbi sí i fún ọ, á sì jókòó máa wò ọ́ bí o ṣe ń jẹun. Ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Aránṣọ ni ní Tokoin, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n bí gbogbo wa sí, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú. Èmi Morìnsọ́lá ni àbúrò rẹ̀. Ẹnu tèmi náà kò kú.

Isaiah ọkọ rẹ̀ ń ta ohun èlò ọkọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ yẹn náà ló fi lọ fẹ́ ìyàwó kejì sí àdúgbò Cacaveli, obìnrin kan tó ń jẹ́ Victoria, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ tó gbọ́, kò pariwo rárá. Ó kó gbogbo fọ́tò ilé sórí tábìlì ìránṣọ, ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, ó sì gé Isaiah kúrò nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gé e nínú ti ìgbéyàwó, ó gé e nínú ti ìsọmọlórúkọ, ó gé e nínú ti Kérésìmesì. Ó ń gé e mọ́ ara bí ẹni ń gé ọrùn ẹ̀wù, ó sì da gbogbo ègé náà síná lábẹ́ ìkòkò. Mo wà níbẹ̀, mo ní kó má ṣe é, ó ní kí n lọ máa wo ọbẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ gbókìtì lójú ọ̀nà Atakpamé, Isaiah kú. Èyítáyọ̀ ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni.

Bí ọmọ náà ṣe dàgbà láìmọ ojú bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé tí ihò wà nínú àwọn fọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé ikán ló jẹ wọ́n. Irú ikán wo ló mọ ọrùn ẹ̀wù í gé? Bó bá ti ń sọ ọ́, màá máa wo ẹsẹ̀ mi. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀. Òun náà kì í lè wo ojú ọmọ náà tó bá ń sọ ọ́, á máa ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbò dé, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní la grève. A rò pé á parí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwé tì, báǹkì tì, ọjà ńlá tì, àwọn nọ́ọ̀sì kò gbé aṣọ wá rán mọ́. Nígbà tí wọ́n wá yìnbọn láàárín ìlú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹní àti ìkòkò lọ sí Benin àti Gánà. Màmá wa tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pé kí a gbé ọmọ-ọmọ òun wá fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè fi ilé àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olè, nítorí náà ó ní Èyítáyọ̀ á bá ìyàwó díákónì wa lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Bí a ṣe ń di ẹrù ọmọ náà lọ́wọ́, ó béèrè pé, “Máámá, tí wọ́n bá bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé báwo ni papa mi ṣe rí, kí ni kí n sọ fún wọn?”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó wọlé padà, ó so gèlè, ó ní kí n dìde, pé à ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fọ́tò.

Yésúfù ni orúkọ Bàbá Fọ́tò, Nàgó láti Sakété ní Benin ni. Nítorí la grève, ó ti ìlẹ̀kùn iwájú pa, ó ń gba èèyàn wọlé láti ẹ̀yìn. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ ti tì, ṣùgbọ́n òun ṣì ń fọ dúdú-àti-funfun rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé.

“Bonjour, ìyá Èyítáyọ̀. Ça va? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà ni?”

“Rárá o,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó wo ilẹ̀. “Bàbá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yín lè fi ẹni tó ti kú sínú fọ́tò àwọn tó ṣì wà láyé?”

“Ó lè fi ẹni tó bá ti ya fọ́tò rí sí i. Ẹni tí kò bá ya fọ́tò rí, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n.”

“Tí mo bá ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín ńkọ́?”

“Ẹ lọ bá àwọn tó ń fi ọwọ́ yàwòrán nìyẹn. Ẹ̀rọ tèmi ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Mina, kò gbọ́ Faransé. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló gbọ́.”

Ó ṣí yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó tan iná, ó sì fi ẹ̀rọ náà hàn wá. Irin gíga kan ló wà lórí tábìlì, tí orí rẹ̀ ṣeé gbé sókè, tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní iná ń ti òkè wá, á gba inú fíìmù kọjá, òjìji èèyàn á sì bọ́ sórí bébà nísàlẹ̀. Tí òun bá gbé orí ẹ̀rọ náà sókè, èèyàn á tóbi lórí bébà, tí òun bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á kéré. Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe máa mú kí orí olóògbé bá ti alààyè dọ́gba. Òun á wá fi abẹ tó mú gé olóògbé kúrò lára bébà tirẹ̀, òun á fi bébà oníyanrìn ha ẹ̀yìn etí bébà náà títí á fi fẹ́lẹ́, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò àwọn ará ilé, òun á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, òun á sì tún ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́tò tuntun tó bá jáde níbẹ̀, bébà kan ṣoṣo ni.

“Ṣé wọn ò ní mọ̀?”

“Ẹni tó bá wò ó dáadáa á mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.”

“Ṣé ẹ lè jẹ́ kó máa wo ọmọ rẹ̀?”

“Ibi tó ń wò lọ́jọ́ tó ya fọ́tò ló máa wò títí láé. Mi ò lè yí i lọ́rùn. Tí kò bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò ní rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi.”

“Tí fọ́tò náà bá kéré ńkọ́?”

“Tí orí rẹ̀ bá tó èékánná àtàǹpàkò, a óò rí i ṣe. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, bí mo bá ṣe ń mú un tóbi ni ojú rẹ̀ á máa ṣú. Voilà. Fọ́tò rẹ̀ dà?”

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí báàgì, ó mú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, òun nìkan nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ihò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Fọ́tò fi ìka tọ etí ihò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi, ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ló ṣẹ́kù síbí. Òun ni mo nílò. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó bá a lọ nínú ọkọ̀.”

“Ẹni tó ya ti ìgbéyàwó yìí ńkọ́? Ó lè ní fíìmù rẹ̀ lọ́wọ́.”

“Ó ti kú.”

“Ta ló tún wá ní fọ́tò rẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bi. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Ẹnì kan wà ní Cacaveli.” Ó gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Zémidjan la gùn lọ, àwọn ọlọ́kadà tí la grève ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di púpọ̀ láàárín ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì tẹ ilẹ̀ ilé yẹn rí. Victoria jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti rò pé á bínú, mo sì ti múra sílẹ̀ láti bá a jà. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi. Ẹ káàbọ̀ o, àǹtí. Ẹ wọlé.”

Ìyáálé! Ẹni tí kò kí i rí láyé rẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí i níbi ìsìnkú ọkọ àwọn méjèèjì. Adùnọlá dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà. Èmi ni mo sọ ohun tí a bá wá, mo sì sọ pé ikán jẹ fọ́tò ilé wa. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ mọ́. Victoria kò béèrè ìbéèrè kan. Ó wọlé, ó gbé fọ́tò kan kúrò lára ògiri, ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́ nínú férémù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìkúnlẹ̀.

Isaiah jókòó lórí àga nínú kóòtù dúdú, ó ń wo iwájú, ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀. Victoria dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Ìka mẹ́rin ló hàn.

“Òun nìkan ni mo ní,” ni Victoria wí. “Mi ò bímọ fún un, ẹ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ náà ò ní bà á jẹ́?”

“Kò ní bà á jẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò tíì bi Bàbá Fọ́tò léèrè o! Kò sì dúpẹ́. Ó fi fọ́tò náà sínú gèlè rẹ̀ tó tú, ó ń yára lọ bí ẹni pé ó jí i.

Ó ṣáà bi Bàbá Fọ́tò nígbà tí a débẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ títí ọkùnrin náà fi dá a lóhùn pé fọ́tò olóhun ò ní fara kan abẹ. Òun á kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya fọ́tò náà, òun á ti ibẹ̀ rí fíìmù tuntun, bébà tí òun bá tẹ̀ láti ara fíìmù yẹn ni òun á sì gé. Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ fèrèsé.

“Ìmọ́lẹ̀ ti ọwọ́ òsì wá. Ó dára, màá gbé iná yín síbẹ̀ náà. Ta ni obìnrin yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò ọkọ mi ni.”

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ah, àbúrò rẹ̀! Ẹ wò ó, ó rọrùn fún mi láti gé àwọn méjèèjì papọ̀, kó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe dúró yìí.”

“Rárá. Òun nìkan la fẹ́. Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ lè mú un kúrò?”

“Ẹ̀rọ ò lè mú un kúrò. Kóòtù tó wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn, kámẹ́rà ò rí i, kò sí ohun tí mo lè tú síta níbẹ̀. Èmi ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì ya kóòtù lé e lórí. Dúdú ni, á ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èjìká náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá Èyítáyọ̀, ọwọ́ àbúrò lára ẹ̀gbọ́n, kí ló burú níbẹ̀?”

“Ẹ pa á rẹ́.”

“D'accord,” ni Bàbá Fọ́tò wí, ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì, a mú Èyítáyọ̀ wá. Bàbá Fọ́tò mú ẹ̀gbọ́n mi jókòó lápá kan, ọmọ lápá kejì, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ó fa okùn kan láti ara ògiri dé ògiri láti fi mọ ibi tí orí Isaiah máa dé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fara tẹ́ sí àyè náà, nítorí apá tó bá wọ ibẹ̀ á farapamọ́ sẹ́yìn olóògbé. Ọmọ náà jókòó bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rọra na ọwọ́ sínú àyè náà lẹ́ẹ̀kan, bàbá náà ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ó sì yára fà á padà.

Nígbà tí fọ́tò náà dé ọwọ́ wa, a ò tíì mú un délé, nítorí a fẹ́ kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà fún Victoria. Mo wò ó lójú ọ̀nà. Isaiah ni lóòótọ́! Ó jókòó láàárín wọn, ẹ̀rín rẹ̀ wà níbẹ̀. Èjìká òsì nìkan ló dà bí pákó. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún díẹ̀, ó nu ojú, inú rẹ̀ dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní Cacaveli, Victoria kúnlẹ̀ gba fọ́tò tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ó dúpẹ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ṣé òun lè rí tuntun náà. Kí ni a fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún un. Victoria wo Isaiah pẹ́. Ó wá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí itan rẹ̀, ó sì fi ìka kan èjìká tó tẹ́ náà.

“Ṣé ẹ̀rọ náà ò lè mú ọwọ́ mi ni?”

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ìbá sọ ọ́. Irọ́ ti wọ ilé wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan sí i kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wo ẹ̀gbọ́n mi láti orí ìkúnlẹ̀, kò sì sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀, mo sì rí i tí omi bo ojú Adùnọlá.

“Ó lè mú un,” ló wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo sọ fún wọn pé àbúrò ọkọ mi ni ọ́. Ikán kọ́ ló sì jẹ fọ́tò ilé mi, Victoria. Èmi ni.”

Ẹni tí kì í bẹ èèyàn! Victoria tẹ orí ba. Ó rọra mú fọ́tò tuntun náà, ó sì dá a padà.

“Kò burú, ìyáálé mi. Ẹ kí ọmọ náà fún mi.”

Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. A ò tíì dé ìkóríta tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní ká padà sọ́dọ̀ Bàbá Fọ́tò. Ó bi í pé ṣé ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ ṣeé dá padà.

“Lórí bébà tí mo kùn yẹn, rárá,” ni bàbá náà wí. “Ṣùgbọ́n fíìmù tí mo yà láti ara ti Cacaveli ṣì wà lọ́wọ́ mi, ohunkóhun ò kàn án. Màá tẹ bébà mìíràn, màá gé e tọwọ́tọwọ́, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí èyí àkọ́kọ́ wà. Ẹ ó rí i kí ọmọ tó lọ.” Ó gbé fíìmù náà sókè síná. “Tí ẹ bá sì fẹ́, màá jẹ́ kí obìnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Odindi rẹ̀ wà nínú fíìmù náà. Àyè wà.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ojú sọ fún un. Ó fa gèlè rẹ̀ mọ́ra.

“Ọwọ́ náà ti tó,” ló wí.

Sátidé, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu ti ń kó èrò, àwọn èèyàn pọ̀, ẹrù dí ọ̀nà, gbogbo èèyàn ń pariwo. Èyítáyọ̀ ti jókòó sórí itan ìyàwó díákónì lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́tò náà fún un. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ó fi ìka tọ iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀.

“Papa mi nìyí?”

“Òun ni.”

“Ó jọ mí!” Ó rẹ́rìn-ín, ó fi han ìyàwó díákónì, ó fi han ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ó tún wò ó. “Máámá, ọwọ́ ta nìyí?”

Ẹ̀gbọ́n mi di etí fèrèsé mú. “Ìyàwó bàbá ẹ ni. Victoria ni orúkọ rẹ̀. Òun ló fún wa ní fọ́tò náà, òun ni kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo ní lọ́kàn mi pé ìyẹn dára. Mo ní ó gbìyànjú. Ọmọ náà yí fọ́tò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

“Ara rẹ̀ dà?”

Awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Ọkọ̀ gbéra, ẹ̀gbọ́n mi ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wá ń sáré, gèlè rẹ̀ jábọ́, ó ń ké láàárín gbogbo èrò pé, “Cacaveli ló wà! Èmi ni mi ò jẹ́ kó wọ fọ́tò náà! Èmi ni!” Ọmọ náà ń juwọ́ sí i. Mi ò rò pé ó gbọ́.